Ọmọ Ni Kí Ẹ Jọ Máa Wò: Ètò Ọdún Kan Láàárín Àgbà Olùkọ́ àti Olùkọ́ Tuntun

"Ṣé ó yé yín?" ni olùkọ́ náà bi wọ́n.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà!" ni gbogbo kíláàsì fi ohùn kan dáhùn, tí páànù òrùlé fi ń ró.

Ẹ̀yìn ni mo jókòó sí, lórí bẹ́ǹṣì kan náà pẹ̀lú ọmọkùnrin kan tó ń jẹ ìdí pẹ́ńsù rẹ̀. Òun náà pariwo tirẹ̀. Nígbà tí mo yọjú wo ìwé rẹ̀, ohun tó kọ síbẹ̀ ni 52 − 27 = 35. Mo wo ti ẹni tó jókòó tẹ̀ lé e, 35 ni. Mo wo ti ẹni kẹta, 35 náà ni. Níwájú, olùkọ́ wọn ti ń nu bọ́ọ̀dù kó lè mú wọn bọ́ sórí iṣẹ́ mìíràn. Ó ti bi wọ́n, wọ́n sì ti dá a lóhùn. Lójú tirẹ̀, ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Oṣù márùn-ún péré ni ọmọbìnrin yìí tíì lò lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti lo ọdún mẹ́ta ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ó ti ṣe ìdánrawò ìkọ́ni, ó sì ti gba ìwé-ẹ̀rí. Èmi ti lo ọdún mẹ́rìnlélógún ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba nílùú Ìbàdàn. Kíláàsì Kẹta ni àwa méjèèjì ń kọ́, ògiri kan ló sì là wá láàárín. Ètò ọlọ́dún kan tí a jọ ṣe ló gbé mi dé orí bẹ́ǹṣì yẹn. Mo ti bá olùkọ́ tuntun mẹ́rin rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀, láti Oṣù Kẹsàn-án tí ọdún ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ títí di Oṣù Keje tó parí. Bí a ṣe ń ṣe é ni mo fẹ́ ṣàlàyé, àti ìdí tó fi jẹ́ pé ọmọ tó ń jẹ pẹ́ńsù yẹn ló yẹ kí ojú àwa méjèèjì máa wò, kì í ṣe olùkọ́ rẹ̀.

Àdéhùn kí ilé-ìwé tó wọlé

Iṣẹ́ kíkọ́ kò ṣàjèjì sí wa. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ télọ̀ tàbí mẹkáníìkì a máa gbálẹ̀, a máa jíṣẹ́ ọ̀gá, a sì máa fi ojú kó iṣẹ́ títí di ọjọ́ tó bá ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Ohun tó mú kí èyí ṣeé ṣe ni pé inú ṣọ́ọ̀bù kan náà ni òun àti ọ̀gá rẹ̀ ń wà láti àárọ̀ di alẹ́. Ti olùkọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ kìíní tó bá dé ni wọ́n ti ń kó kíláàsì lé e lọ́wọ́, á sì wọnú ibẹ̀ lọ tòun ti àwọn ọmọ rẹ̀. Kò rí àgbà níbi tí àgbà ti ń ṣiṣẹ́, àgbà náà kò sì rí i. Bí a kò bá mọ̀ọ́mọ̀ ya àkókò sọ́tọ̀, ọdún kan lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá yẹn, àfi ọjọ́ tí alábẹ̀wò bá dé.

Ìdí nìyí tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àdéhùn, ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ọjọ́ ìwọlé. Kò ju ojú ìwé kan lọ. Àwa méjèèjì á fọwọ́ sí i, a ó sì fún ọ̀gá ilé-ìwé ní ẹ̀dà kan. Ọ̀rọ̀ mẹ́rin ló máa ń wà nínú rẹ̀.

Àkọ́kọ́ ni ọjọ́ ìpàdé. Ọjọ́rú ni tiwa, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Ó gbọ́dọ̀ ní ọjọ́, ó sì gbọ́dọ̀ ní aago, nítorí pé "a ó máa ríra" kì í pẹ́ di "a ò ríra mọ́" nígbà tí owó ìdánwò, ìpàdé òbí àti eré ìdárayá bá wọlé dé.

Ìkejì ni ìbẹ̀wò. Mo máa ń wọ kíláàsì rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lóṣù, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí ogún, kì í ṣe odindi iṣẹ́. Ìbéèrè tó máa ń pa ètò yìí níbí ni pé: ta ni yóò bá mi mójú tó àwọn ọmọ tèmi? Olùkọ́ kan fún kíláàsì kan ni ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba sábà máa ń ní. A rí i pé ó rọrùn bí mo bá lọ nígbà tí kíláàsì mi àti ti ẹlòmíràn ń jọ kọrin tàbí ṣe eré ìdárayá, tí olùkọ́ kan fi lè mójú tó méjèèjì, tàbí kí ọ̀gá ilé-ìwé fúnra rẹ̀ wá dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ ọjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Bí a bá ní ká máa wá àyè, àyè kò ní yọ.

Ìkẹta ni àṣírí. Ohun tí mo bá rí nínú kíláàsì rẹ̀ kò ní dé etí ọ̀gá, n kò sì ní kópa nínú kíkọ fọ́ọ̀mù ìgbéléwọ̀n rẹ̀ ti ọdọọdún. Ẹni tó mọ̀ pé ọwọ́ mi ni ìgbéga òun wà kò ní fi ibi tó ń dùn ún hàn mí láéláé; iṣẹ́ tó mọ̀ dáadáa ló máa fi dá mi lára yá nígbà gbogbo. Ohun kan ṣoṣo ni àṣírí yìí kò bò: bí wọ́n bá ń lu ọmọ ní ìlùkulù, tàbí bí ewu kan bá ń wu ọmọ. A máa ń kọ ìyẹn sínú àdéhùn náà ketekete, kó má baà yà á lẹ́nu lọ́jọ́ iwájú.

Ìkẹrin ni ohun tí kì í ṣe ara ètò náà. N kì í rán an níṣẹ́, kì í sì í bá mi ṣe àròpọ̀ rẹ́jísítà tèmi. Níwájú àwọn ọmọ, "Àńtí" ni mo ń pè é, "ẹ" ni mo sì fi ń bá a sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọjọ́ orí ọmọ tí mo bí ló wà. Bí àwọn ọmọ bá gbọ́ tí mo ń sọ pé "wá ńbí", ọ̀sẹ̀ náà kò ní parí kí wọ́n tó máa wò ó bí ọmọ ilé mi.

Sáà kìíní: bébà ló ń sọ̀rọ̀

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹnikẹ́ni má ṣe bá olùkọ́ tuntun sọ̀rọ̀ ọ̀nà ìkọ́ni. Kò ní gbọ́. Ohun tó ń da ọkàn rẹ̀ láàmú ni orúkọ ọmọ mẹ́rìndínláàádọ́ta, rẹ́jísítà tó gbọ́dọ̀ sàmì sí láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, dáyárì ọ̀sẹ̀, nóòtì ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí, àti ọmọ kan tó ń tọrọ ààyè láti jáde ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ìwọ̀nyí la kọ́kọ́ máa ń tò. Ní ìpàdé Ọjọ́rú, a jọ kọ dáyárì náà, tirẹ̀ àti tèmi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, títí yóò fi lè dá a kọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ìbẹ̀wò bẹ̀rẹ̀, òun ló sì kọ́kọ́ ń wá sí kíláàsì mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ kó wá wo ọ̀gá. Ìdí méjì ni. Ọmọ Yorùbá ni wá; ọmọdé kì í wo ojú àgbà kó ní ohun báyìí ni àgbà ṣe tí kò tọ́. Bí èmi tí mo jẹ́ àgbà kò bá kọ́kọ́ gbé ara mi kalẹ̀ kí wọ́n wò, ìbẹ̀wò á di ohun tí wọ́n ń ṣe fún ẹni tó kéré nìkan. Ìdí kejì ni pé níbẹ̀ ló ti ń kọ́ bí a ṣe ń wo kíláàsì.

Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń ní kó wò: ìṣẹ́jú méje àkọ́kọ́, láti ìgbà tí àwọn ọmọ bá kí mi títí di ìgbà tí ẹni tó kẹ́yìn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fún un ní bébà tí a fi ìlà pín sí méjì, aago lápá òsì, ohun tí ọmọ ń ṣe lápá ọ̀tún. Òfin bébà náà ni pé ohun tí ojú rí nìkan ló ń wọ ibẹ̀. "Kíláàsì kò tòrò" kì í ṣe ohun tí ojú rí, ìdájọ́ ni. "Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú méjìlá, ọmọ mẹ́fà nílà ẹ̀yìn ń wá pẹ́ńsù" ni ohun tí ojú rí. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n òfin yìí ló gbé gbogbo ọdún náà dúró. Ìdájọ́ a máa bí èèyàn nínú, ó sì lè jẹ́ irọ́. Aago àti ọmọ mẹ́fà kò bínú sí ẹnikẹ́ni. Bí a bá gbé bébà náà sáàárín wa, òun ló ń sọ̀rọ̀. Kì í ṣe àgbà ló ń bá ọmọdé wí, kì í sì í ṣe ọmọdé ló ń rí àgbà fín.

Nígbà tó kàn mí láti lọ sí tirẹ̀, ìṣòro mi ni pé mo ń rí nǹkan púpọ̀ jù. Nínú ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo rí i pé ohùn rẹ̀ ti ń há, pé ó ń kọ̀wé sí ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀dù níbi tí orí àwọn ará iwájú ti bò ó, pé àwọn ọmọ kan kò ní ìwé, pé ó ń dáhùn ìbéèrè ara rẹ̀, àti pé pínpín ìwé nìkan gba ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Bí mo bá kó gbogbo rẹ̀ lé e lórí lọ́jọ́ kan, á lọ sílé pẹ̀lú ẹ̀dùn ọkàn, kò sì ní tún ọ̀kan ṣe. Ọ̀kan ni mo ń mú. Èwo? Èyí tó jẹ́ pé bó bá yanjú, á tú àkókò sílẹ̀ fún àwọn yòókù, tí ojú sì lè rí ìyàtọ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Pínpín ìwé la mú. A yan olórí ìlà kọ̀ọ̀kan, ìwé ìlà kọ̀ọ̀kan sì ń sùn sínú páálí tirẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ní ìbẹ̀wò tó tẹ̀ lé e, ìṣẹ́jú mẹ́ta ló gbà. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ tó yọ níbẹ̀ jẹ́ ti ìṣirò.

Sáà kejì: 35 náà

Ní sáà kejì, tí rẹ́jísítà àti ariwo kò bá da èèyàn láàmú mọ́, ìbéèrè gidi máa ń jáde: báwo ni mo ṣe mọ̀ pé ohun tí mo kọ́ wọn yé wọn? Ọjọ́ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè yẹn la wà lórí rẹ̀.

Nígbà tí mo rí 35 mẹ́ta nílà kan, ọwọ́ mi yún mi láti dìde, gba ṣọ́ọ̀kì, kí n sì tún un ṣe. N kò dìde. Bí àgbà bá gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ olùkọ́ lójú àwọn ọmọ, àwọn ọmọ á gba ẹ̀kọ́ ìyọkúrò, ṣùgbọ́n wọ́n á tún gba ẹ̀kọ́ kejì, pé Àńtí wọn kò mọ̀ ọ́n. Mo kọ ọ́ sórí bébà mi: "Ìlà ẹ̀yìn, ọmọ mẹ́ta, 52 − 27 = 35." Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ: "Ṣé ó yé yín? Gbogbo wọn: Bẹ́ẹ̀ ni, mà." Mo jáde.

Lọ́sàn-án, a kó ìwé mẹ́rìndínláàádọ́ta náà sórí tábìlì. Mo ní kó pín wọn sí òkìtì bí ìdáhùn ṣe rí, kó má sì tíì fi bírò pupa kàn án. Òkìtì àwọn tó gbà á jẹ́ ogún. Òkìtì àwọn tó kọ 35 jẹ́ mọ́kàndínlógún. Méje tó kù kọ oríṣiríṣi nǹkan. Ó wo òkìtì kejì yẹn, ó mí kanlẹ̀.

"Mà, wọn ò fọkàn sí i ni."

Mo dá a lóhùn pé, "Bí ọmọ kò bá fọkàn sí iṣẹ́, oríṣiríṣi àṣìṣe ló máa ń ṣe. Ọmọ mọ́kàndínlógún kò lè ṣàìfọkànsí kí gbogbo wọn wá bọ́ sórí 35. Ohun kan wà tí wọ́n jọ mọ̀. Bá mi wá a."

Ó pẹ́ díẹ̀. Ó kọ ọ́ sórí bébà, ó fi ìka tọ ọ́ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ojú rẹ̀ sì là. Méjì ló wà lókè, méje ló wà nísàlẹ̀. Ọmọ náà kò yọ 7 kúrò nínú 2. Ó yọ 2 kúrò nínú 7, ó kọ 5. Ó tún yọ 2 kúrò nínú 5, ó kọ 3. 35 dé. Kì í ṣe àìfọkànsí. Òfin kan ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọ́n sì tẹ̀ lé e láìṣìnà: yọ kékeré kúrò nínú ńlá. Níbo ni wọ́n ti rí òfin náà? Ọ̀dọ̀ wa ni. Ní Kíláàsì Kejì, àwa olùkọ́ máa ń sọ fún wọn pé, "A kì í yọ ńlá kúrò nínú kékeré." A sọ ọ́ kí iṣẹ́ lè rọrùn fún wọn, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Ìdí kejì tún wà tí mo fi hàn án, èyí tí ìwé ìṣirò tí a ń lò kò sọ. Bí a bá kọ 27, ojú rí 2 ti ẹ̀wá àti 7 ti ẹyọ. Ṣùgbọ́n bí a bá pè é ní Yorùbá, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni: ọgbọ̀n tí mẹ́ta dín nínú rẹ̀. Etí ọmọ kò gbọ́ ogún, kò sì gbọ́ méje. Méjìléláàádọ́ta náà, àádọ́ta àti méjì ni, àádọ́ta fúnra rẹ̀ sì jẹ́ ọgọ́ta tí ẹ̀wá dín nínú rẹ̀. Nítorí náà, ọmọ tó ń ronú ní Yorùbá tó sì ń kọ nọ́ńbà sílẹ̀ ń rin ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olùkọ́ kò bá mọ̀, á máa pariwo "ẹ yá ọ̀kan lọ́wọ́ ẹ̀wá", ọmọ kò sì ní rí ẹ̀wá kankan tí òun fẹ́ yá nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀.

A jọ ṣe ètò ẹ̀kọ́ mìíràn. Igi ìgbálẹ̀ ni a lò. A ṣẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, a sì fi rọ́bà so ó ní mẹ́wàá mẹ́wàá. Ọmọ mẹ́rin mẹ́rin gba ìdì márùn-ún àti ẹyọ méjì. Kí wọ́n yọ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ìdì méjì rọrùn láti yọ. Ẹyọ méje ńkọ́? Ẹyọ méjì péré ló wà nílẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ọmọbìnrin kan tú rọ́bà ìdì kan. Ẹyọ di méjìlá. Wọ́n yọ méje, márùn-ún kù. Ìdì méjì ló kù pẹ̀lú rẹ̀. 25. Ìgbà tí wọ́n ti tú ìdì yẹn pẹ̀lú ọwọ́ ara wọn ni olùkọ́ tó kọ ọ́ sórí bọ́ọ̀dù, kí àmì tó wà lókè 5 lè ní ìtumọ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọ̀nà Yorùbá hàn wọ́n. Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n fi mẹ́ta dín ní ọgbọ̀n. Fún un ní mẹ́ta, ó di ọgbọ̀n. Láti ọgbọ̀n dé méjìléláàádọ́ta, méjìlélógún ni. Mẹ́ta àti méjìlélógún, márùndínlọ́gbọ̀n. Orúkọ nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ ló tọ́ka sí ibi tí ọmọ máa kọ́kọ́ lọ. Mélòó kan nínú àwọn tí ìwé ń dà láàmú ṣe eléyìí lórí láìfi ọwọ́ kan pẹ́ńsù.

Ọ̀rọ̀ ku "Ṣé ó yé yín?" Mo ní kó má bi wọ́n mọ́ fún oṣù kan gbáko, nítorí kò sí ọmọ tí a tọ́ dáadáa tó máa wo ojú olùkọ́ kó ní kò yé òun. Ọ̀wọ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni, mà", kì í ṣe òye. Dípò rẹ̀, ní ìṣẹ́jú mẹ́fà tó kẹ́yìn, gbogbo ọmọ á gba bébà kékeré, wọ́n á sì ṣe mẹ́ta láìsọ̀rọ̀: 48 − 23, 52 − 27, 60 − 34. Ìkọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tó ń ṣe. Ẹni tó kùnà èyí àkọ́kọ́ kò tíì mọ ìyọkúrò rárá. Ẹni tó gba èyí àkọ́kọ́ tó kùnà èkejì kò tíì mọ bí a ṣe ń tú ìdì. Ẹni tó gba méjèèjì tó wá kọ 34 sí ìkẹta, òdo ló ń dà á láàmú. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí àwọn ọmọ bá lọ, olùkọ́ á ti mọ ẹni tí yóò pè sẹ́gbẹ̀ẹ́ lọ́la.

Nígbà tó bá sì bi wọ́n ní ìbéèrè lẹ́nu, ó ní láti dúró. Onímọ̀ ẹ̀kọ́ ará Amẹ́ríkà kan, Mary Budd Rowe, fetí sí ọ̀pọ̀ kíláàsì ní nǹkan bí ọdún 1970, ó sì rí i pé ìṣẹ́jú-àáyá kan péré ni olùkọ́ sábà máa ń dúró kó tó pe ẹlòmíràn tàbí kó dáhùn fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá dúró tó mẹ́ta, ìdáhùn àwọn ọmọ máa ń gùn sí i, ẹni tó ń dáhùn sì máa ń pọ̀ sí i. Mo ní kí olùkọ́ mi máa ka "ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta" nínú ọkàn. Ó ní ẹ̀ta yẹn gùn bí ọjọ́ Àwẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ kejì, ọmọ tó ń jẹ pẹ́ńsù na ọwọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, a fún wọn ní 64 − 38, èyí tí òfin àtijọ́ wọn yóò sọ di 34. Ọmọ márùn-ún ló kọ 34. Nínú mọ́kàndínlógún, ó ku márùn-ún. A mọ orúkọ wọn, a sì mọ ohun tó kù fún wọn.

Bí ó ṣe máa ń dìdàkudà

N kò ní parọ́ pé gbogbo ìrìn mi ló yọrí bẹ́ẹ̀. Pẹ̀lú ẹni kejì tí mo bá rìn, nílé-ìwé mìíràn, mo kùnà. Ọ̀gá wa nígbà náà máa ń bi mí nípa rẹ̀ lójú ọ̀nà, "Báwo ni ọmọ yẹn ṣe ń ṣe sí?", èmi náà á sì sọ ọ́. Láàárín oṣù méjì, olùkọ́ náà ti mọ̀. Láti ìgbà náà, ibi tí mo bá ti yọ sí i ni ẹ̀kọ́ tó ti kọ́ tẹ́lẹ̀ á ti máa tún wáyé, tí àwọn ọmọ á ti mọ ìdáhùn kó tó béèrè. Àmì kan nìyẹn tí ó yẹ kí àgbà mọ̀: bí gbogbo ìbẹ̀wò bá dára jù, tí ìwé àwọn ọmọ sì kún fún àmì pupa, ẹ̀rù ló wà nínú kíláàsì yẹn, ìwọ gan-an ló sì ń bà á.

Àmì kejì ni pé kí olùkọ́ tuntun máa dà bí ìwọ. Bó bá ń fi ohùn rẹ sọ̀rọ̀, tó ń pa àwàdà rẹ, tí nóòtì ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì jẹ́ tìrẹ tí ó dà kọ, ó ti ń wo ojú rẹ dípò ojú ọmọ. Ìwòsàn rẹ̀ ni kí o má fún un ní nóòtì rẹ mọ́; fún un ní ìwé àwọn ọmọ, kí o ní kó sọ ohun tó rí fún ọ.

Àmì pé ó ń lọ dáadáa wà nínú ìbéèrè rẹ̀. Ní Oṣù Kẹwàá, ohun tí gbogbo wọn ń bi mí ni, "Mà, kí ni kí n ṣe?" Bó bá fi máa di Oṣù Kẹta, ẹni tó ń dàgbà á ti máa béèrè pé, "Mà, kí ló dé tí wọ́n fi kọ báyìí?"

Ètò náà sì ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Kò lè dín ọmọ àádọ́rin kù sí ọgbọ̀n, kò lè ra ìwé, kò sì lè san owó oṣù tó pẹ́. Bí àgbà bá jẹ́ onímọ̀ èdè tí ọmọdé sì ń kọ́ sáyẹ́ǹsì nílé-ìwé gíga, àgbà lè ràn án lọ́wọ́ lórí bí a ṣe ń wo kíláàsì, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wá onísáyẹ́ǹsì tó máa bá a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Sáà kẹta: ipò yí padà

Ní sáà kẹta, ìpàdé wa di ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì, n kì í sì í lọ sí kíláàsì rẹ̀ àfi bó bá pè mí. Òun ló ń sọ ohun tí mo máa wò. Nígbà kan ó ní kí n wo ọmọ mẹ́rin péré, àwọn tó kù nínú ìyọkúrò, kí n sì kọ ohun tí wọ́n ń ṣe nígbà tó bá kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ẹni tó lè sọ irú ohun bẹ́ẹ̀ kò nílò kí n máa bá a yan ìṣòro mọ́. Nígbà ìdánwò, a pààrọ̀ ìwé mẹ́wàá mẹ́wàá; ó bá mi máàkì tèmi, mo bá a máàkì tirẹ̀, a sì fi wéra bóyá ojú wa dọ́gba. Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ó kọ ojú ìwé méjì sílẹ̀ fún ara rẹ̀: ohun tí yóò ṣe ní ọjọ́ kìíní Oṣù Kẹsàn-án tó ń bọ̀, àti àṣìṣe mẹ́ta tó mọ̀ pé àwọn ọmọ máa mú wọlé.

Ìbẹ̀wò tó kẹ́yìn, kíláàsì mi ni. Ó jókòó lẹ́yìn, pẹ̀lú bébà tí a fi ìlà pín sí méjì. Mo kọ́ wọn ní ìdá, inú mi sì dùn sí i. Lọ́sàn-án, ó gbé bébà náà lé tábìlì, ó rọra yí i sí ọ̀dọ̀ mi. Ó ti ya àwòrán bí wọ́n ṣe jókòó, ó sì fi àmì sí orí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí mo bi ní ìbéèrè. Ìbéèrè méjìlélógún ni mo béèrè. Mẹ́tàdínlógún ló bọ́ sórí ìlà méjì iwájú. Ìlà ẹ̀yìn kò ní àmì kankan.

Kò sọ nǹkan kan, kò sì rẹ ojú rẹ̀ sílẹ̀. Mo fi ìka tọ ìlà ẹ̀yìn náà láti òsì dé ọ̀tún, ọmọ mẹ́jọ, orúkọ wọn wà níbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo bi í pé, "Kí ló dé tí mo fi ń ṣe báyìí?"

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì, a sì jọ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó.